«Owó ku» àti «mo yá owó»: ibi tí ìtumọ̀ ti ń dá ìjà sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ní òkèèrè, ó sì máa ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá wa tó ń bá wọn tọ́jú àwọn ọmọ. Kò gbọ́ Yorùbá, ìyá wa kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo ń túmọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ wọn. Gbogbo ìgbà tí owó bá ti wọlé ni àríyànjiyàn máa ń bẹ̀rẹ̀. Ibo ni mo ti ń ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo iye owó fúnra rẹ̀. Ẹni tó san 300 dọ́là máa ń sọ pé 300 lòun fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń bá a fowó ránṣẹ́ bá yọ 10 nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ wọn, 290 ló kù tí wọ́n máa ṣẹ́. Ká ní wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní 50 owó ilé, 14,500 ló máa dé ọwọ́ Màmá. Ọkọ àbúrò yín níbi tó wà ti sọ 300 di 15,000 lọ́kàn, ó sì gbà pé ẹnì kan ti mú 500. Torí náà, ẹ máa kọ iye tó san, iye tí wọ́n yọ àti iye tí Màmá gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì sọ irú owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Iye tí wọ́n fi ṣẹ́ ẹ lórí rìsíìtì ni kí ẹ lò, torí èyí tí èèyàn rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ga jù ú lọ.

Àṣìṣe yìí máa ń wọ inú ohun tí owó wà fún. Ká ní ó kọ̀wé pé kí 6,000 jẹ́ ti ilé ìwé, 5,000 ti òrùlé, kí ìyókù jẹ́ ti oògùn. 4,000 ni òun ń pè ní ìyókù. 3,500 ló wà lọ́wọ́ Màmá. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí «ìyókù» bó ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé 3,500 ni ìyókù yẹn jẹ́ báyìí, kó lè yí i padà bó bá fẹ́.

Ìdáhùn Màmá ló le jù, pàápàá tí kò bá sí àmì ohùn lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ohun tó wọlé nìyí:

«A ti gba 14,500. A ra paanu 5,000. Oogun je 4,500. Owo ile iwe ku 2,000. Mo ya 1,000 lowo alajogbe wa.»

«Ku» lè túmọ̀ sí pé 2,000 ṣẹ́ kù sọ́wọ́, ó sì lè túmọ̀ sí pé 2,000 ṣì wà nílẹ̀ láti san. «Ya» náà ń lọ síbi méjì: «mo yá a lówó» ni pé èmi ni mo fún un, «mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀» ni pé òun ló fún mi. Láìsí àmì, «lówó» àti «lọ́wọ́» di «lowo» kan náà. Ibi tí iye owó wà ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀: bí iye bá tẹ̀ lé «ya» ní tààrà, tí orúkọ ẹni sì wá lẹ́yìn «lowo», gbèsè ni Màmá jẹ. Ká ní ó yá alájọgbé yẹn lówó ni, «mo ya alajogbe wa lowo» ni ì bá kọ.

Ìṣirò ló máa ń fi «ku» hàn. Bí 2,000 bá ṣẹ́ kù nínú 6,000, a jẹ́ pé 4,000 ló lọ sí ilé ìwé. Ẹ fi 5,000 òrùlé, 4,500 oògùn àti 2,000 tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ kún un: 15,500. Owó tó gbà kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì tún ní gbèsè 1,000 lọ́rùn, ìyẹn ni pé 15,500 náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ rí i pé ó bá a mu! Ẹ wá gbìyànjú ìkejì: gbogbo 6,000 lọ sí ilé ìwé, ó sì ku 2,000 tí wọn ò tíì san. 6,000, 5,000 àti 4,500 jẹ́ 15,500 bákan náà. Ìṣirò kò lè yanjú èyí, bó tilẹ̀ ti fìdí gbèsè 1,000 múlẹ̀. Níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má yàn fún wọn. Ẹ pe Màmá, kí ẹ bi í pé: «Ṣé ó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ yín ni, àbí ilé ìwé ló ṣì ń béèrè rẹ̀?» Ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀: bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, Màmá lè fi 1,000 san gbèsè, kí 1,000 sì kù, bó bá jẹ́ ti ìkejì, 3,000 ni wọ́n ń wá.

Bí ẹ kò bá tíì rí Màmá bá sọ̀rọ̀, ẹ fi ìtumọ̀ méjèèjì ránṣẹ́ sí ọkọ àbúrò yín, kí ẹ sọ pé ẹ ń dúró de èsì. Ẹ tún fi ọ̀rọ̀ Màmá gan-an sábẹ́ rẹ̀, bó ṣe tẹ̀ ẹ́.

Orúkọ olùgbowó àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń gba owó kì í ṣe ohun ìtumọ̀. Ẹ má fi àmì ohùn kún orúkọ, ẹ má gé e kúrú. Bó ṣe wà lórí káàdì ìdánimọ̀ Màmá ni kó ṣe wà, torí bí méjèèjì kò bá bára mu, wọ́n lè má san owó náà fún un.