Olókun, ìkòkò àti ṣẹ̀gi: ọwọ́ ara Ifẹ̀ ni gíláàsì náà ti jáde

Ìbéèrè: “Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ ní Ilé-Ifẹ̀ pé Olókun ló ni ìlẹ̀kẹ̀, nígbà tí ìlú náà jìnnà sí òkun? Mo tún gbọ́ lórí rédíò pé ìgò Òyìnbó ni àwọn baba wa ń yọ́ fi ṣe ṣẹ̀gi.”

Bídà ni ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn lórí rédíò rí, tó sì rò pé Ifẹ̀ lòun rí. Ó máa ń bí mi nínú, nítorí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó yẹ kó mọ̀. Ní Bídà, ní ilẹ̀ Nupe, àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Masagá máa ń fi ìgò tó ti fọ́ sínú iná, ẹnì kan á máa fín ẹwìrì, ẹnì kejì á sì fi ọ̀pá irin wé gíláàsì tó ti rọ̀ títí yóò fi di ìlẹ̀kẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹni tó yọ́ ìgò kò dá gíláàsì: ẹlòmíràn ti dá a tẹ́lẹ̀, òun kàn yí i padà ni. Ohun tí wọ́n ṣe ní Ifẹ̀ ṣáájú kí ìgò Òyìnbó tó dé yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí dídá gíláàsì jẹ́. Yanrìn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n yanrìn funfun nìkan kò ní yọ́ títí iná yóò fi lé ní 1,700 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kò sì sí iná ìléru ayé àtijọ́ tó dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá ohun tí yóò mú un tètè yọ́. Ní Qantir ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní ọ̀rúndún kẹtàlá ṣáájú ìbí Jésù, òkúta funfun tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n ń pò mọ́ eérú ewéko tó ń hù níbi tí ilẹ̀ ti ní iyọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yan án nínú ìkòkò ọtí tí wọn kò lò mọ́, wọ́n á tún un lọ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi ohun aláwọ̀ sí i, kí wọ́n tó wá yọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì di ìṣù tó ṣeé kó lọ sí ọjà òkèèrè. Ọkọ̀ òkun kan tó rì sí Uluburun ní etí òkun ilẹ̀ Tọ́kì, ní nǹkan bí 1300 ṣáájú ìbí Jésù, kó irú ìṣù bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 175, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ aláwọ̀ búlúù.

Ní Ifẹ̀, Igbó Olókun ni ẹ̀rí wà. Nígbà tí ará Jámánì kan tó ń wá ohun àtijọ́ kiri, Leo Frobenius, dé ibẹ̀ ní 1910, ó rí àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì aláwọ̀ lẹ̀ mọ́ nínú. Ó gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ ti jọ ti àwọn ará Gíríìkì jù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá Atlántíìsì, ìlú tí ìtàn àwọn ará Gíríìkì sọ pé ó rì sínú òkun. Àwọn ọmọwé wa ló padà wá gba ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bó ti yẹ. Abídèmí Babátúndé Babalọlá walẹ̀ níbẹ̀ láàárín 2010 sí 2012, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì àti pàǹtírí iṣẹ́. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ náà fi gbilẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni ọkọ̀ àwọn Potogí tó gúnlẹ̀ sí etí òkun wa. Ìgò ta ni wọ́n wá ń yọ́?

Ẹlòmíràn á ní ìlẹ̀kẹ̀ àwọn Lárúbáwá ni wọ́n ń yọ́. Èyí náà kò dúró. Gíláàsì tí wọ́n fi yanrìn tó mọ́ àti eérú ṣe kì í sábà ní alúmínà, èròjà kan tó pọ̀ nínú amọ̀, ju ìdá díẹ̀ lọ nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ti Ifẹ̀ ní alúmínà tó ju ìdá mẹ́wàá lọ, kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ náà sì ju ìdá mẹ́wàá lọ. Bí ẹ bá ní ara amọ̀ ìkòkò ló yọ́ wọ inú gíláàsì, amọ̀ lè fún un ní alúmínà lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbo ni kálísíọ́ọ̀mù púpọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ti wá? Àlàyé tó bá a mu ni pé ilẹ̀ Ifẹ̀ ni wọ́n ti mú èròjà rẹ̀. Òkúta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, yanrìn tó sì ń ti ara irú òkúta bẹ́ẹ̀ jáde kì í mọ́ bíi ti aṣálẹ̀: ó ní àwọn èròjà tó ní alúmínà nínú, àwọn kan nínú wọn sì ti gbé ohun tó ń mú yanrìn tètè yọ́ pamọ́ sára. Àwọn àgbà yìí wá fi ohun tó ní kálísíọ́ọ̀mù kún un. Alúmínà púpọ̀ máa ń mú kí gíláàsì ki, kó sì ṣòro láti fà, nítorí náà iná gbọ́dọ̀ gbóná gan-an, ìkòkò sì gbọ́dọ̀ le tó láti má ṣe rọ̀ nínú rẹ̀. Amọ̀kòkò àti oníìlẹ̀kẹ̀ ní láti jọ mọ iṣẹ́ ara wọn.

Ibí yìí ni mo ti rí ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ Olókun. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé aya Odùduwà ni Olókun, pé ó lọ́rọ̀, àti pé ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ ti rẹ̀. Èmi gbà pé ọrọ̀ ibi iṣẹ́ yìí ni ìtàn náà pa mọ́: igbó tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń yọ́ gíláàsì. Ó ń dùn mí pé a mọ orúkọ òrìṣà, a sì gbàgbé àwọn ìkòkò rẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ náà sì rìn jìnnà. Irú tí èròjà rẹ̀ bá ti Ifẹ̀ mu ni wọ́n rí ní Gáò àti ní Ẹ̀súkù ní ilẹ̀ Málì, lójú ọ̀nà àwọn oníṣòwò aṣálẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn Potogí náà ń ra ìlẹ̀kẹ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní kóórì ní apá Benin, wọ́n ń gbé e lọ sí Elmina láti fi gba wúrà. Ó ṣeé ṣe kí ti Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Kóbáltì, èròjà irin kan, ló ń fún ìlẹ̀kẹ̀ búlúù Ifẹ̀ ní àwọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá ìyá mi máa ń gbé ṣẹ̀gi rẹ̀ sókè sí oòrùn kó tó gbà pé ojúlówó ni: búlúù nílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú rẹ̀ kọjá, á dà bí àwọ̀ ewé. Àwọn kan nínú ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹ tún lè fi gíláàsì amúǹkan-tóbi wo ihò rẹ̀. Ti Ifẹ̀, fífà ni wọ́n fà á di ọ̀pá oníhò gbọọrọ, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì yan án díẹ̀ kí etí rẹ̀ má bàa gé ọwọ́, nítorí náà róró afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gùn lọ pẹ̀lú ihò. Ti Bídà tí wọ́n wé mọ́ irin, róró afẹ́fẹ́ rẹ̀ á yí ihò náà po. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn nìkan ra ọjà olówó ńlá, nítorí wọ́n ń fa ìlẹ̀kẹ̀ ní Íńdíà àti ní Fẹ́nísì pẹ̀lú, àyẹ̀wò èròjà inú rẹ̀ nìkan ló lè ya ti Ifẹ̀ sọ́tọ̀.