Ẹ̀rọ tó ń sítáàtì tó tún ń kú: ebi ni, àbí èémí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ṣéènsọ́ọ̀ mi máa ń sítáàtì tí mo bá fa ṣóòkù, ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ kó sáré, á kú. Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Ṣé kí n kúkú ra kabúrétọ̀ tuntun?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á. Bí iná púlọ́ọ̀gì kò bá ṣẹ́, ẹ̀rọ yín kò ní sítáàtì rárá. Nínú irú ọ̀ràn yìí, lọ́pọ̀ ìgbà, yálà ebi epo ń pa ẹ́ńjìnnì, tàbí èéfín inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Ṣóòkù yẹn gan-an ni ẹ máa fi mọ èwo ni.

Ẹ gbé e sílẹ̀ ní gbangba, ẹ fi bíréèkì ṣéènì sí i, kí ẹ tó fa okùn. Nígbà tó bá ti gbóná díẹ̀, ẹ di í mú dáadáa, ẹ tú bíréèkì náà, ẹ wá rọra tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti fẹ́ máa kú, ẹ fa ṣóòkù dé ìdajì. Afẹ́fẹ́ ni ṣóòkù máa ń dín kù kí epo lè pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí ara ẹ̀rọ bá yá sí i, ebi ló ń pa á. Bó bá túbọ̀ wúwo tó sì kú kíákíá, sàlẹ́ńsà ni kí ẹ lọ wò.

Bó bá jẹ́ ebi, ẹ kọ́kọ́ tú ìdérí táǹkì díẹ̀, kí ẹ sì wo asẹ́ epo tó wà ní ìdí ọ̀pá inú táǹkì. Bí ìyẹn kò bá yí nǹkan padà, ó kù sí dáyáfírámù, ìyẹn awọ rọ́bà inú kabúrétọ̀. Kabúrétọ̀ yìí kò ní ìkòkò epo bíi ti jẹnẹrétọ̀. Awọ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀: ọ̀kan ń fa epo láti inú táǹkì, èkejì ń ṣí abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí epo wọlé. Bí epo tó ti pẹ́ bá mú kí wọ́n gan, wọn kò lè lọ sókè sódò mọ́. Epo tí wọ́n ń rí fà lè tó fún ìdúró jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n kò lè tó fún eré. Ẹ fi ìka rọra tẹ awọ náà: èyí tó dára rọ̀ bí awọ ẹran ọ̀tun, èyí tó ti bàjẹ́ á máa dún wọ́rọ́wọ́rọ́ bíi bébà. Awọ àti gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun nìkan ni ẹ nílò. Ẹ ya fọ́tò ètò wọn kí ẹ tó tú u, nítorí bí gásíkẹ́ẹ̀tì àti awọ bá yí ipò padà, ẹ̀rọ kò ní fa epo bó ti yẹ.

Nígbà mìíràn, àrùn méjèèjì máa ń wà lára ẹ̀rọ kan náà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgéko kan wá fún mi rí tó ti dúró pẹ̀lú epo nínú fún oṣù mẹ́rin. Ṣóòkù ìdajì mú un sàn, mo pààrọ̀ awọ rẹ̀, ó sì sáré. Àmọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bó ti gbóná tán, agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Mo tú sàlẹ́ńsà, mo sì rí i pé asẹ́ wáyà kékeré ẹnu rẹ̀ ti di pátápátá pẹ̀lú ẹ̀dú àti ọ́ìlì. Ẹni tó ni ín ní mílílítà 200 ọ́ìlì ni òun ń bù sí lítà 4 epo, kí ẹ́ńjìnnì má bàa gbẹ. Ìyẹn jẹ́ 20:1. Ìwé ẹ̀rọ rẹ̀ ní 50:1, èyí tó jẹ́ mílílítà 80 péré. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù yẹn ló di ẹ̀dú.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má dín in kù ju ohun tí ìwé ẹ̀rọ yín sọ: písítìnnì á há mọ́ inú sílíńdà, ìnáwó ìyẹn sì pọ̀ ju ti awọ rọ́bà lọ fíìfíì. Ọ́ìlì túú-sítróòkù ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti mọ́tò. Ẹ pò ó sínú kẹ́ẹ̀gì ọ̀tọ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì lo ìwọ̀nba tó máa tán láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Bó bá jẹ́ sàlẹ́ńsà ti yín ló dí, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ asẹ́ náà, kí ẹ sì dá a padà, torí òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀ta iná fò sínú koríko gbígbẹ. Bí ẹ̀dú bá wà ní ojú ihò sílíńdà, ẹ rọra fa okùn títí písítìnnì yóò fi bo ihò náà, kí ẹ fi igi pẹlẹbẹ ha á kúrò. Ẹ má fi irin kàn án, torí ó máa ha písítìnnì.

Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, tí ẹ̀rọ sì ń fúnra rẹ̀ sáré sókè kó tó kú, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi tí kò yẹ. Ẹ má lò ó mọ́, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní irinṣẹ́ ìdánwò afẹ́fẹ́.