Ìgbà Wo Ni Egungun Ojúgun Tó Sán Tó Gba Eré Sísá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkùnrin ẹni ọdún 31 ni mí, Àgbádárìgì ni mò ń gbé. Mo máa ń sá nǹkan bíi kìlómítà 40 lọ́sẹ̀ kí dókítà tó yàwòrán ẹsẹ̀ mi, tó sì sọ pé egungun ojúgun ọ̀tún ti sán níhà inú, lápá ìsàlẹ̀. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méje tí mo ti ń sinmi, mi ò sì tiro mọ́. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kìlómítà 5 ní etí òkun, níwọ̀n bí iyanrìn ti rọ̀ ju ọ̀dà lọ?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìhà inú ojúgun lápá ìsàlẹ̀ ni egungun yìí ti sábà máa ń sán fún àwọn asáré, ó sì máa ń jinná dáadáa láìsí iṣẹ́ abẹ. Ká ní iwájú ojúgun gan-an ló ti sán ni, ọ̀rọ̀ mi ìbá yàtọ̀, nítorí pé ibẹ̀ kì í tètè jinná, egungun náà sì lè dá pátápátá bí èèyàn bá ń sáré lé e lórí. Dókítà eegun nìkan ni yóò pinnu ọjọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò tún sáré. Àmọ́ bí ti yín tilẹ̀ rọrùn, kìlómítà 5 pọ̀ jù fún ọjọ́ àkọ́kọ́, iyanrìn etí òkun kọ́ sì ni ibi tí màá ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ kò bá tiro mọ́, ìyẹn kò fi hàn pé egungun ti jinná tán. Ẹ wo bíríkìlà tó fẹ́ tún ògiri tó sán ṣe. Kò ní kàn da sìmẹ́ńtì lé e. Yóò kọ́kọ́ gbẹ́ èyí tí kò dára kúrò, tí ojú ibẹ̀ yóò fi tóbi ju bó ti wà lọ, kí ó tó rẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara ń ṣe: fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó máa ń jẹ egungun tó ti bàjẹ́ kúrò, lẹ́yìn náà ni yóò máa mọ tuntun sí i, tuntun náà yóò sì gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó le bíi ti àtijọ́. Ìrora a máa lọ kí iṣẹ́ yìí tó parí, àárín àkókò yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ asáré ti ń padà ṣèṣe.

Nítorí náà, kí aláìsàn mi tó sáré rárá, ohun mẹ́ta ni mo máa ń béèrè, bí mo ti tò ó yìí ni kí ẹ sì ṣe é. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ egungun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi wé ẹsẹ̀ òsì. Kò gbọdọ̀ sí ojú ibì kan tí yóò dùn yín. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rìn kánkán lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún tó tẹ̀ léra, kí ibẹ̀ má sì dùn yín nígbà tí ẹ ń rìn, tàbí lóru, tàbí nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀ láàárọ̀. Bí méjèèjì bá yege, ẹ wá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan fò nígbà mẹ́wàá láìsí ìrora, bí ọmọdé tó ń ta súwè. Ẹ má ṣe lo oògùn ìrora ní gbogbo àsìkò yìí, torí pé ẹni tó lo oògùn kí ó tó dán ẹsẹ̀ wò kò dán nǹkan kan wò.

Ọjọ́ tí ẹ bá kógo já ni ètò bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ìgbà kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi kan ó kéré tán wà láàárín wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ sáré fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni eré inú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé yóò jọ eré ọmọdé lójú yín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìrìn yóò di mẹ́ta, eré yóò di méjì, àròpọ̀ eré yóò sì di ìṣẹ́jú 12. Ọ̀sẹ̀ kẹta yóò jẹ́ 18, ìkẹrin 24, ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ẹ óò sì sá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdúró. Bó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́fà ni ẹ fi ń sá kìlómítà kan tẹ́lẹ̀, kó gbà yín ní mẹ́jọ báyìí.

Ìrìn àárín yẹn kì í ṣe nítorí èémí yín. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú egungun ló ń mọ̀ pé ẹrù wà lórí rẹ̀, àwọn ló sì ń pe àwọn tó ń mọ egungun sí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti kanlẹ̀ fún ìgbà mélòó kan léraléra, ara wọn yóò kú sí i, ó sì máa ń gbà wọ́n ní wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó jí pátápátá. Eré gígùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa ń fi kún ìlúkúlù tí egungun ń jẹ láìfi bẹ́ẹ̀ fi kún egungun tuntun tí ara ń mọ. Mo sì máa ń fi àkókò kún un kí n tó fi ìyára kún un, nítorí pé eré kíákíá lu ojúgun ju eré gígùn lọ. Títí ẹ óò fi lè sá kìlómítà 20 lọ́sẹ̀ láìsí ìrora, ẹ gbàgbé ìdíje.

Obìnrin kan tí mo tọ́jú dé ọ̀sẹ̀ kẹta ètò yìí. Láàárín eré, ibì kan tí kò ju ojú kọ́bọ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lójúgun. Ó parí eré náà, ó lo oògùn ìrora, ó sì tún jáde ní ọ̀túnla. Òru ọjọ́ náà ni ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó láìsùn, ìyẹn sì dá a padà sí ìrìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ká ní ó ti dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ mélòó kan ni ìbá pàdánù. Bí ó bá dùn yín ní ojú kan tí ẹ lè fi ìka kan bò, tó sì ń pọ̀ sí i bí ẹ ti ń sá lọ, egungun ni: ẹ dúró, ẹ rìn lọ sílé, kí ẹ sì padà sí ìpele tó ṣáájú nígbà tí ìrìn ọjọ́ méjì bá ti kọjá láìsí ìrora. Bí ó bá jẹ́ ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ méjèèjì ló le, tó sì ń rọ̀ bí ara ti ń móoru, ẹran ara lásán ni, ẹ máa bá eré yín lọ. Ìrora òru, tàbí èyí tó padà wá lẹ́ẹ̀mejì ní ìpele kan náà, ti di ti dókítà.

Ní ti iyanrìn, ohun tó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ kì í rọ̀ fún ojúgun. Gìgísẹ̀ a máa rì, ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ yóò sì máa fa egungun kí ara tó gòkè. Etí omi tún máa ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ẹsẹ̀ kan yóò fi wà nísàlẹ̀ ju èkejì lọ ní gbogbo ọ̀nà. Pápá bọ́ọ̀lù tó tẹ́jú ni kí ẹ lò. Bí kò bá sí i, ọ̀nà Màrínà níhà ilé alájà àkọ́kọ́ dára, pàápàá láàárọ̀ kùtù kí ọ̀kadà tó pọ̀. Ẹ lè lọ sórí iyanrìn tó tutù tó sì le lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ karùn-ún.

Ohun kan kù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá sáré, ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún kanlẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ 78, ẹ sọ ọ́ di 82 tàbí 84 láìfi kún ìyára. Ìgbésẹ̀ yín yóò kúrú, ẹsẹ̀ kò ní jìnnà síwájú ara, ìlúkúlù ojúgun yóò sì dín kù. Yóò ṣe yín bákan fún ọ̀sẹ̀ kan àkọ́kọ́.