Mo ti fi epo pupa sílẹ̀, kí ló dé tí LDL mi ò lọ sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Kubwa ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 52 ni mí. Wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ fún mi, LDL mi, ìyẹn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀ burúkú, jẹ́ 4.3 mmol/L, dókítà ní kí n dín ọ̀rá sátúréètì kù, kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi epo pupa sílẹ̀, òróró ni mò ń lò báyìí, wọ́n sì kọ ọ́ sára ike rẹ̀ pé kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mo tún tẹ́ẹ̀sì yẹn ṣe, 4.2 ni. Ṣé òótọ́ tiẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí báyìí? Èwo ni kí n máa fi se ọbẹ̀?

Ìdáhùn: Mà, ẹ kọ́kọ́ bá mi gbé ike òróró yẹn, ẹ yí i padà, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é sí, lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n sábà máa fi ń kọ ọ́ torí náà ẹ mú jígí yín dání. Tẹ́ ẹ bá rí páàmù ólíìnì níbẹ̀, ọwọ́ ti bà á nìyẹn. Epo ọ̀pẹ náà ni. Wọ́n bó àwọ̀ pupa ara ẹ̀ kúrò, wọ́n yọ òórùn ẹ̀, wọ́n wá sẹ́ apá kan lára èyí tó máa ń dì kúrò, èyí tó ń ṣàn ni wọ́n rọ sínú ike. Ọ̀pọ̀ nínú òróró tí à ń rà ní Nàìjíríà tí wọ́n kàn ń pè ní fẹjitébù ọ́ìlì, bó ṣe rí nìyẹn, mo sì máa ń bínú sí i gan-an torí àwọn èèyàn ti fi owó àti ọ̀fun wọn jìyà kí wọ́n tó mọ̀.

Èyí tí wọ́n kọ pé kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀, òótọ́ ni, àmọ́ kò sí epo tó ti ara igi tàbí èso wá tó ní in tó nǹkan. Inú ẹran, ẹyin, wàrà ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀ wà, ẹ̀dọ̀ tiwa fúnra ẹ̀ ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tó wà lẹ́jẹ̀ wa. Ohun tó yẹ kí ike yẹn sọ fún yín ni irú ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìgbálẹ̀ ṣàpèjúwe oríṣi ọ̀rá mẹ́ta tó wà. Ẹ ṣà á ní ẹyọ ẹyọ. Èyí tó tọ́ gbọnrangandan, tí kò tẹ̀ níbì kankan, òun ni ọ̀rá sátúréètì. Èyí tó tẹ̀ níbì kan ṣoṣo, mónóansátúréètì nìyẹn. Èyí tó tẹ̀ níbi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ la ń pè ní pọ́líansátúréètì. Àwọn tó tọ́, tẹ́ ẹ bá dì wọ́n pọ̀ wọ́n á mọ́ra wọn gádígádí bí ọ̀ṣùṣù ọwọ̀, àmọ́ àwọn tó tẹ̀, bó ti wù kẹ́ ẹ dì wọ́n tó, àyè á ṣì wà láàárín wọn. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí epo tí sátúréètì pọ̀ nínú ẹ̀ fi máa ń dì tí òtútù bá dé. Gwagwalada ni mò ń gbé, tó bá ti di oṣù Kejìlá tí ọyẹ́ bá mú, tí mo bá dé kíṣìnnì láàárọ̀ kùtù, kẹ́ẹ̀gì epo pupa mi á ti dì láti ìsàlẹ̀ dé àárín, ó máa rí bí ògì tí wọ́n pò mọ́ ata, màá ní láti gbé e sójú oòrùn kó tó lè dà. Epo ẹ̀pà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń ṣàn geere ní tiẹ̀.

Kò sí epo tó jẹ́ oríṣi kan péré o, gbogbo wọn ni wọ́n da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ibi tí ọ̀kan ti pọ̀ ju èkejì ló yàtọ̀. Nínú gíráàmù 100 epo pupa, bíi 50 ni sátúréètì, bíi 40 jẹ́ mónó, 10 tó kù ni pọ́lì. Páàmù ólíìnì yẹn ńkọ́, sátúréètì rẹ̀ ṣì máa ń wà ní bíi 42. Ti epo ẹ̀pà ò ju bíi 18 lọ, mónó ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ti epo sóyà jẹ́ bíi 15, pọ́lì ló gba ibi tó pọ̀ jù, ó tó bíi 60.

Kí wá ni wọ́n ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀? Ara ẹ̀dọ̀ wa ní nǹkan kan tó dà bí ọwọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa na síta, kó mú LDL nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá, kó fà á wọlé. Àwọn dókítà méjì kan ní Améríkà, Máíkẹ̀lì Bráwùn àti Jósẹ́fù Góldístíìnì, ló rí ọwọ́ yẹn, wọ́n gba ẹ̀bùn Nóbẹ̀lì lórí iṣẹ́ wọn ní 1985. Téèyàn bá ń jẹ sátúréètì púpọ̀, àwọn ọwọ́ yẹn máa ń dín kù, LDL á wá máa yí kiri nínú ẹ̀jẹ̀ torí kò sẹ́ni tó máa mú un. Tí pọ́lì bá gba ipò sátúréètì, àwọn ọwọ́ náà á tún pọ̀ sí i, LDL á lọ sílẹ̀. Mónó náà ń ṣe dáadáa nípò sátúréètì, àmọ́ pọ́lì fi díẹ̀ jù ú lọ. Àwọn kan á ní sátúréètì náà ń gbé HDL sókè, èyí tí wọ́n ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀ rere, kí wọ́n má parọ́ fún yín, ó ń gbé e sókè díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ń gbé LDL lọ pẹ̀lú, LDL yẹn ló sì ń lẹ̀ mọ́ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò tiyín. Mi ò mọ iye epo tẹ́ ẹ ń lò, àmọ́ ẹ lè mọ̀ ọ́n báyìí: ọjọ́ mélòó ni lítà kan fi ń tán, èèyàn mélòó ló sì ń jẹ ẹ́? Ká ní ẹ̀yin mẹ́rin lẹ wà nílé tí lítà kan ń tán lọ́jọ́ mẹ́rin, lítà epo wọ̀n tó bíi gíráàmù 910, ẹ pín in sí ọ̀nà 16, ó jẹ́ bíi 56 sí 57 fún ẹnì kan lóòjọ́. Síbí ìjẹun ńlá mẹ́rin nìyẹn. Tó bá jẹ́ epo pupa, gíráàmù 28 sátúréètì ló wà nínú ẹ̀, ẹ ò tíì jẹ ẹran o, ẹ ò tíì mu wàrà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kó má ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára oúnjẹ òòjọ́ lọ, fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2000 ìyẹn ò ju bíi gíráàmù 22 lọ nínú gbogbo ohun tó wọlé ẹnu ẹ̀.

Ẹ wá fi páàmù ólíìnì rọ́pò epo pupa, síbí mẹ́rin kan náà, 28 yẹn di bíi 24. Àbí ẹ rí i? Mo fi ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2016 wò ó, ó yẹ kí LDL fi bíi 0.1 lọ sílẹ̀. 4.3 di 4.2. Ohun tẹ́ ẹ rí gan-an nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tẹ́ẹ̀sì fúnra ẹ̀ lè fi ìyẹn yàtọ̀ láti òní sí ọ̀la. Tó bá jẹ́ epo ẹ̀pà lẹ fi rọ́pò ẹ̀, sátúréètì á já sí bíi 10, LDL á sì máa lọ sílẹ̀ ní bíi 0.4. Ti sóyà, sátúréètì á jẹ́ bíi 8, LDL á lọ sílẹ̀ ní bíi 0.5. Nǹkan tí mo sọ yìí, fún ọ̀pọ̀ èèyàn pa pọ̀ ni o, ara kálukú yàtọ̀, tiyín lè jù bẹ́ẹ̀ tàbí kó má tó o.

Ṣé ẹ kíyè sí i pé rírọ́pò ni mò ń sọ? Ẹlòmíì á gbọ́ pé epo ẹ̀pà dáa, á máa dà á lé orí gbogbo nǹkan tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, epo pupa ń bẹ níbẹ̀, súyà tí ọ̀rá rẹ̀ ń kán ń bẹ níbẹ̀, bọ́tà tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà pẹ̀lú nónò náà ń bẹ níbẹ̀, ó kàn fi kálórì kún kálórì ni, á sanra, LDL ò ní mì. Ẹlòmíì á yọ epo kúrò pátápátá, á wá fi búrẹ́dì funfun àti ohun dídùn dí àyè ẹ̀, tirẹ̀ náà, LDL á lọ sílẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ HDL á bá a lọ, tráígílísẹ́ráìdì, ọ̀rá míì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, á gòkè. Òróró àgbọn tí wọ́n ń polówó pé oògùn ni yẹn, sátúréètì tó wà nínú ẹ̀ ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ má fi rọ́pò nǹkan kan nítorí LDL yín.

Èwo ni kẹ́ ẹ máa fi se ọbẹ̀? Sóyà dáa fún ọbẹ̀ ata àti ẹ̀fọ́, epo ẹ̀pà dáa fún ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín, torí pọ́lì kì í fẹ́ iná tó pọ̀, ibi tó tẹ̀ yẹn ni atẹ́gùn àti ooru ti ń bà á jẹ́. Epo tẹ́ ẹ ti fi dín dòdò lẹ́ẹ̀kan, tó bá ti ń yọ fóòmù, tó ṣú, tó ń rùn bí ọ̀dà ògiri, ẹ dà á nù. Tẹ́ ẹ bá ń ra epo ẹ̀pà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe kúlíkúlí, ẹ fi imú gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó sanwó, ó gbọ́dọ̀ máa rùn bí ẹ̀pà tútù tí wọ́n yan, kì í ṣe bí ẹ̀pà àtijọ́. Epo pupa ò ní kúrò láyé yín, síbí kan nínú ẹ̀gúsí lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò burú.

Tí ike òróró ò bá sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ rọ díẹ̀ sínú gíláàsì tó mọ́, ẹ gbé e sínú fíríjì, kì í ṣe ibi tó ń sọ omi di yìnyín o, kó sùn síbẹ̀. Sóyà á mọ́ kedere láàárọ̀. Páàmù ólíìnì á funfun bí omi ìrẹsì, òmíì á dì. Epo ẹ̀pà lè ki díẹ̀ tàbí kó ṣú díẹ̀, torí náà ẹ má fi èyí dá a lẹ́jọ́, sóyà àti epo òdòdó oòrùn tí wọ́n ń pè ní sọ́nfíláwà ló yẹ fún.

Ẹ tún tẹ́ẹ̀sì ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá, lábù kan náà tó bá ṣeé ṣe. Tí dókítà bá ti fún yín ní oògùn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀, ẹ má tìtorí epo dá a dúró. Tó bá sì jẹ́ pé LDL yín lé ní 4.9 nígbà kankan, tàbí ti ọmọ yín kan tí kò tíì pé ọdún 16 lé ní 4.0, tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín sì ti ní àrùn ọkàn kó tó pé ọdún 55, ẹ sọ ìyẹn fún dókítà kíákíá, torí ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń bí mọ́ni, ọwọ́ ẹ̀dọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló máa ń ní àbùkù láti inú ìyá, òróró nìkan ò ní gbé e.