Ó ń gbọ́ ìró ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ṣé ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 2 àti oṣù 2, ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò ju mẹ́jọ lọ. Nígbà tí mo bí i, jọ́ńdíìsì mú un débi tí wọ́n fi tan iná sí i lára, tí wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó dá wa sílẹ̀, wọ́n ki nǹkan kékeré kan bọ̀ ọ́ létí, wọ́n ní etí rẹ̀ dára. Bí ilẹ̀kùn bá dún gbàà, ó máa ń ta gìrì. Ìyá ọkọ mi ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, kí n fara balẹ̀. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá ọmọ, Ìbàdàn

Ọmọ mi, má dúró mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n pààrọ̀ yẹn ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀.

Wọn kì í pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun bí jọ́ńdíìsì náà kò bá le gan-an. Ohun tó ń sọ ojú ọmọ di pípọ́n bí ìyeyè yẹn, tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè wọ inú ọpọlọ, kó sì ṣe iṣan tó ń gbé ìró láti etí lọ sí ọpọlọ níjàǹbá. Etí fúnra rẹ̀ lè wà láìfarapa. Bí àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe nígbà náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní Oò-Éè-Íì, etí inú lọ́hùn-ún nìkan ló ń wò, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ọpọlọ. Ọmọ lè yege nínú rẹ̀, kó má sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kó yé e.

Ti ilẹ̀kùn yẹn kò yanjú ọ̀rọ̀. Ariwo ńlá a máa ta ọmọ tí etí rẹ̀ kò pé jí. Bí iṣan yẹn bá ní àbùkù, ohùn yín ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dé ní rúdurùdu, tí kò fi ní mọ “bàbá” yàtọ̀ sí “bàtà”. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dáhùn láàárọ̀, kó má dáhùn lálẹ́, pàápàá bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún, àwọn ará ilé á sì máa pè é ní olóríkunkun. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá ń na irú wọn.

Ìwọ náà wò ó nílé. Pa fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, dúró sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti lè rí òjìji rẹ, kí o pe orúkọ rẹ̀ ní ohùn tí o fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Má pàtẹ́wọ́, nítorí atẹ́gùn rẹ̀ lè kàn án lára. Ohunkóhun tí o bá rí, ẹ ṣì máa lọ sí ilé ìwòsàn.

UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn, ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun. Mú ìwé tí wọ́n fi dá yín sílẹ̀ dání, kí o sì sọ ti ẹ̀jẹ̀ náà kí wọ́n tó bi ọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá ìdọ̀tí dí i létí tàbí omi dúró sẹ́yìn awọ etí, torí ìyẹn náà lè dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, béèrè fún èyí tí wọ́n ń pè ní Éè-Bíì-Áà. Wọ́n á lẹ nǹkan pẹlẹbẹ mọ́ ọn níwájú orí àti lẹ́yìn etí, wọ́n á fi ìró sí i létí, ẹ̀rọ á sì ka bí iṣan àti ọpọlọ ṣe ń dáhùn. Kò dùn ún rárá, ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ sùn. Nítorí náà, má jẹ́ kó sùn lójú ọ̀nà. Bí kò bá sùn, wọ́n lè fún un ní oògùn oorun níbẹ̀.

Ní ti ìyá ọkọ rẹ, òótọ́ ni pé àwọn ọmọ kan máa ń pẹ́, tí ọ̀rọ̀ wọn á sì já gaara lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ọmọ ọdún 2 yẹ kó ní bí ọ̀rọ̀ 50, kó sì máa so méjì pọ̀, bíi “màmá wá”. Ka ti Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Bó bá ń pe búrẹ́dì ní “bú” nígbà gbogbo, ọ̀rọ̀ kan nìyẹn. Mẹ́jọ ṣì jìnnà púpọ̀, kódà ká ní jọ́ńdíìsì kò mú un rí.

Bí etí bá yege tán pátápátá, ẹ má padà sílé. Ẹ lọ rí dókítà àwọn ọmọdé, kó wò ó bóyá ó ń fi ìka tọ́ka sí ohun tó fẹ́ kí o rí, bóyá ó ń wojú ènìyàn, bóyá ó ń ṣeré bí ẹni ń bọ́ ọmọláńgidi. Bó bá jẹ́ pé ó ti sọ àwọn ọ̀rọ̀ kan rí tí wọ́n sì ti pòórá, sọ ìyẹn ṣáájú ohun gbogbo.

Kí ẹ tó dé ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín ṣe déédéé bí o bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí wọ́n gé abẹ́ ahọ́n rẹ̀ kó lè sọ̀rọ̀, má gbà fún un.