Ìdí tí oògùn apakòkòrò fi ń ṣáájú eyín yíyọ fún ẹni tó ní fáàfù àtọwọ́dá

"Ẹ jọ̀wọ́, ọdún tó kọjá ni wọ́n fi fáàfù onírin sí ọkàn mi. Eyín ẹ̀yìn mi kan ti jẹrà, wọ́n fẹ́ yọ ọ́. Dókítà eyín ní kí n gbé kápúsù amọ́sísílìn mẹ́rin mì lẹ́ẹ̀kan náà kí n tó jókòó sórí àga. Àbúrò mi ní fáàfù tó ń jò díẹ̀, wọ́n ní òun kò nílò ohunkóhun. Ṣé mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan kò pọ̀ jù? Kí ló dé tí tàwa méjèèjì fi yàtọ̀?"

Ẹ kú ìrora eyín. Kò pọ̀ jù rárá. Kápúsù kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 mílígíráàmù, mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 2. Iye tí wọ́n ń fún àgbàlagbà nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Fún ọmọdé, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé e mì, ó parí. Fáàfù ni ilẹ̀kùn kékeré tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn. Onírin ló wà láyà tèmi náà, àìsàn tí oògùn yìí wà fún sì ló ba fáàfù tí Ọlọ́run dá mọ́ mi jẹ́, nítorí náà mo mọ ohun tí wọ́n ń sá fún.

Bí wọ́n bá ń fa eyín, èrìgì á ya, àwọn kòkòrò tó ń gbé ẹnu á sì gba ojú ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Láàárín ìgbà díẹ̀, ara á ti gbá wọn dànù, nítorí inú ọkàn tó dá ṣáṣá ń dán, kò sí ibi tí wọ́n á dì mú. Fáàfù tèmi àti tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan àjèjì ni, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn kọjá lára rẹ̀ geere bó ṣe ń ṣàn lára ti àbínibí, pàápàá ní eteetí ibi tí wọ́n ti rán an mọ́ ọkàn. Níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti máa ń dì díẹ̀díẹ̀, tí á fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú ibẹ̀. Àwọn kòkòrò ẹnu kan wà, ìdílé sitẹrẹputokọ́kọ́ọ̀sì ni wọ́n, tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ mọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bí ewédò ṣe ń lẹ̀ mọ́ òkúta inú odò. Wọ́n á máa bí sí i, ẹ̀jẹ̀ dídì á tún máa bò wọ́n, títí á fi di kókó lára fáàfù.

Ibi tó burú sí ni pé àwọn ọmọ ogun ara kì í rí ọ̀nà wọ inú kókó yẹn dáadáa, oògùn pàápàá ń tiraka kó tó débẹ̀. Àìsàn yìí ni àwọn dókítà ń pè ní ẹndokadáítíìsì. Tó bá mú fáàfù àtọwọ́dá, oògùn inú iṣan fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n sábà máa ń fi tọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì tún máa ń la àyà láti pààrọ̀ fáàfù náà. Èérún ara kókó lè já, kí ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ sínú ọpọlọ, kó sì di àrùn rọpárọsẹ̀. Gíráàmù 2 tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn, ohun tó wà fún ni pé kí oògùn ti kún inú ẹ̀jẹ̀ kí kòkòrò tó wọlé, kí wọ́n má ráyè lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì gbọ́dọ̀ ṣáájú. Oògùn tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yọ eyín, tó wá ń lò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ márùn-ún, kì í ṣe iṣẹ́ yìí. Mo mọ̀ pé wọ́n ṣì máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Tí wọ́n bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ béèrè èyí tí ẹ máa lò ṣáájú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àbúrò yín. Ká ní ó ti pẹ́ ni, wọn ì bá fún òun náà. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà ti ń kọ ìtọ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1955, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń fún ẹni tí fáàfù rẹ̀ ń jò náà. Lọ́dún 2007 ni wọ́n gé e kù. Ohun tí wọ́n wò ni pé bí èèyàn bá ń fọ eyín tàbí tó ń jẹun, kòkòrò ẹnu ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́ sì ni. Tí ẹ bá ro gbogbo tọdún kan pọ̀, ti ọjọ́ tí wọ́n yọ eyín kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. A jẹ́ pé ìwọ̀nba àìsàn díẹ̀ ni oògùn ọjọ́ kan yẹn lè dènà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oògùn náà ní ewu tirẹ̀: ó lè bá ara ẹlòmíràn jà, ó sì ń kọ́ kòkòrò ní bí wọ́n ṣe ń gbójú sí oògùn.

Wọ́n wá béèrè ìbéèrè míràn, èyí tó mọ́gbọ́n dání jù lójú tèmi: ta ni àìsàn yìí máa ṣe léṣe jù lọ tó bá mú un? Àwọn tó ní fáàfù àtọwọ́dá ni, yálà onírin tàbí èyí tí wọ́n fi awọ ẹran ṣe, títí kan èyí tí wọ́n gba inú iṣan tì wọlé láìla àyà. Àwọn tí wọ́n fi òrùka àtọwọ́dá tún fáàfù wọn ṣe náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ẹni tí àìsàn náà ti mú rí, àwọn kan tí wọ́n bí pẹ̀lú àlébù ọkàn, bí àwọn tí ètè wọn máa ń dúdú nítorí pé wọn ò tíì tún ọkàn wọn ṣe, àti ẹni tí wọ́n fún ní ọkàn ẹlòmíràn tí fáàfù rẹ̀ wá ń ní ìṣòro. Fáàfù tó kàn ń jò díẹ̀ kò sí nínú wọn. Wọn kò sọ pé àìsàn náà kò lè mú àbúrò yín o. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àǹfààní oògùn náà fún un kò tó ewu rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ayé ló fẹnu kò síbẹ̀. Lọ́dún 2008, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni mọ́, kódà onífáàfù onírin. Lọ́dún 2016 wọ́n fi kún un pé kí wọ́n má ṣe é gẹ́gẹ́ bí àṣà ni, èyí tó fún dókítà láyè láti fi ojú ara rẹ̀ wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà tí ẹ bá pàdé dókítà eyín tó kọ́ṣẹ́ lọ́hùn-ún, tó ń ṣiyèméjì, kì í ṣe aláìmọ̀kan. Èmi ò lè fi fáàfù tèmi dán an wò.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí ọjọ́ tó pé. Eyín tó ti jẹrà máa ń wú, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fún yín ní amọ́sísílìn fún wíwú yẹn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn kòkòrò tó kù lẹ́nu yín ni àwọn tí amọ́sísílìn ò rí pa. Kápúsù mẹ́rin míràn nínú oògùn kan náà kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Tí iṣẹ́ náà bá lè dúró, wọ́n á jẹ́ kó tó ọjọ́ 10, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ẹ lo èyí tó kẹ́yìn. Tí kò bá lè dúró, oògùn láti ìdílé míràn ni wọ́n á fún yín. Bákan náà lọ̀rọ̀ ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ pẹnisílìn, tó jẹ́ ìdílé kan náà pẹ̀lú amọ́sísílìn, lóṣooṣù nítorí àìsàn làkúrègbé tó kan ọkàn. Abẹ́rẹ́ yẹn kò dípò kápúsù mẹ́rin, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló ń ṣe, òun ló sì tún ń sọ pẹnisílìn di aláìlágbára lẹ́nu rẹ̀.

Tí pẹnisílìn bá máa ń bá ara yín jà, ẹ sọ bó ṣe máa ń ṣe yín gan-an, bóyá ara yíyún ni, bóyá ojú wíwú ni, bóyá mímí tó nira ni, nítorí ìyẹn ló máa pinnu èyí tí wọ́n máa mú. Asitiromáísìn 500 mílígíráàmù wà, dọ́sísáíkìlìn 100 mílígíráàmù náà wà. Kìlíndámáísìn ni wọ́n máa ń fúnni tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti ọdún 2021 ni ìtọ́ni Amẹ́ríkà ti yọ ọ́ kúrò, nítorí ẹyọ kan péré lè fa ìgbẹ́ gbuuru tó lágbára. Tí ẹ bá rí ìwé àtijọ́ tó ṣì ń dárúkọ rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́.

Lọ́jọ́ náà gan-an, èmi kì í gbé tèmi mì nílé. Mo máa ń mú kápúsù náà dání, mo sì máa ń bi ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé èèyàn mélòó ló kù níwájú mi. Ìgbà tó bá ku ẹnì kan ni mo máa ń fi omi gbé e mì, lẹ́yìn tí mo bá ti jẹun díẹ̀ kí inú má baà rú mi. Bí ẹ bá gbé e mì ní aago mẹ́jọ fún iṣẹ́ aago mẹ́sàn-án, tí wọn kò wá kàn yín títí di ọ̀sán, ẹ sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀, òun ló máa sọ bóyá ó ṣì tó. Bí gbogbo èèyàn bá gbàgbé, tí eyín ti jáde, ọ̀nà kò tíì dí: wọ́n ṣì lè fún yín láàárín wákàtí 2 lẹ́yìn iṣẹ́. Tí ó bá ju eyín kan lọ, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè yọ wọ́n lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ má baà máa pààrà oògùn. Wáfárìn tí ẹ ń lò kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì lára fáàfù, ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ dókítà ọkàn àti dókítà eyín.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí wọ́n bá la ẹnu yín ni ẹ nílò kápúsù mẹ́rin. Fọ́tò eyín kò nílò rẹ̀, wíwọn eyín àtọwọ́dá tí èèyàn ń yọ tó tún ń fi síbẹ̀ kò nílò rẹ̀, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora, tí wọ́n gún sínú ẹran ẹnu tí kò jẹrà, kò nílò rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti máa fọwọ́ kan èrìgì, tàbí gbòǹgbò eyín, tàbí tí wọ́n máa dá awọ ẹnu lu, ni ó wà fún. Fífá ìdọ̀tí lára eyín wọ abẹ́ èrìgì wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣọ́ ibà. Tèmi ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ara á gbóná ní ìrọ̀lẹ́, òógùn á mú kí aṣọ tí mo fi sùn tutù, oúnjẹ ò wù mí, ṣòkòtò wá ń ṣí lára mi. Ilé ìwòsàn kan ń fún mi ní oògùn apakòkòrò díẹ̀díẹ̀, ibà á lọ, oògùn á tán, ibà á padà. Nígbà tí wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ mi láti mọ kòkòrò tó wà níbẹ̀, kò sí ohun tó hù, nítorí oògùn díẹ̀díẹ̀ yẹn ti fi wọ́n pamọ́ láì pa wọ́n. Kí wọ́n tó fi àwòrán ọkàn rí kókó náà, fáàfù ti bàjẹ́. Nítorí náà bí ibà bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn eyín yíyọ, tí kò sì lọ, ẹ sọ fún ẹni tó bá máa tọ́jú yín pé fáàfù onírin wà láyà yín, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kòkòrò, ní ìgbà mẹ́ta láti ojú iṣan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí kápúsù kankan tó kan ẹnu yín.