Kì í ṣe owó tó tóbi jù ni kókó àyẹ̀wò

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kúuṣẹ́ o. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ apá kókó àyẹ̀wò nínú ìròyìn ọ́dítọ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan tó wà lọ́jà ṣíà, ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyí. Mo ṣa owó mẹ́fà tó tóbi jù nínú ìwé wọn jọ. Pátínà, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ náà, dá a padà, ó ní mi ò tíì yan nǹkan kan. Báwo lẹ ṣe ń yàn án, báwo lẹ sì ṣe ń kọ ọ́?"

Àbúrò, kókó àyẹ̀wò ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú àyẹ̀wò tí ọ́dítọ̀ ṣe lọ́dún yẹn. Wọ́n ti dá tèmi náà padà rí, ẹ̀ẹ̀mẹta lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ike ni, l'Ékòó, ọdún ìṣirò wọn parí ní oṣù Kejìlá 2023. Wọ́n jẹ gbèsè mílíọ̀nù 20 dọ́là nílẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan lọ́jà ìjọba. Báńkì Àpapọ̀ tú u sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ó sì parí ọdún ní nǹkan bí 900. Gbèsè náà ò fi dọ́là kan lé sí i, ṣùgbọ́n ní náírà ó fi bílíọ̀nù 8.8 wú. Òun ni mo kọ ṣe ìkínní. Mo fi owó ọjà títà ṣe ìkejì, torí pé ìlànà ọ́dítọ̀ ní ká gbà pé jìbìtì lè wà nínú rẹ̀ títí a ó fi rí ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀.

Pátínà wa ò bínú. Ó kàn bi mí pé, "Òru wo lo ò sùn nítorí gbèsè dọ́là yẹn?" Mi ò rí èsì fún un. Ọmọ tó kéré jù nínú wa ló yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sán ọjọ́ kan: ó ka ìwé àdéhùn, ó gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó yá wọn lówó, ó wo iye tí dọ́là jẹ́ lọ́jọ́ tí ọdún parí, ó ṣírò, ó tán. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè jiyàn lé níbẹ̀. Owó ọjà títà náà rí bẹ́ẹ̀: ewu rẹ̀ wúwo lórí ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tá a débẹ̀, wọ́n ń gbé ike lọ, wọ́n ń gba owó, ìwé ìfọjàránṣẹ́ wà.

Ohun tó gba oorun lójú wa wà lábẹ́ àdánù tí gbèsè tó wú yẹn fà. Àdánù dọ́là tí wọn ò tíì fi owó san kì í dín owó orí wọn kù lọ́dún yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá san gbèsè ni. Nítorí náà wọ́n mú 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, bílíọ̀nù 2.6, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun ìní: owó orí tí wọn ò ní san lọ́la. IAS 12, ìlànà ìṣirò lórí owó orí, ò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní ó gbọ́dọ̀ dà bíi pé èrè ń bọ̀ tí wọ́n á lò ó lé lórí, tí ilé-iṣẹ́ bá sì ti ń pàdánù láìpẹ́ yìí, ẹ̀rí tó lágbára ni kó mú wá. Ọdún kejì tí àwọn yìí ti ń pàdánù nìyẹn.

Ẹ̀rí tí wọ́n mú wá ni ìṣirò ọjọ́ iwájú: ọjà á fi 40 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dún tó ń bọ̀, dọ́là á sì wálẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. A kó ìṣirò irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ìṣirò wọn ò ṣẹ rí. A lọ wo ẹ̀rọ wọn, ẹ̀rọ náà ò lè ṣe ike tó fi 40 lé sí i láìra òmíràn, kò sì sí owó ẹ̀rọ nínú ìṣirò wọn. A dín ìlọsókè náà kù sí 15. Èrè tí wọ́n ní á dé ní ọdún kẹrin wá di ti ọdún keje. Ìjíròrò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló tẹ̀lé e, kí wọ́n tó dín bílíọ̀nù 2.6 kù sí 1.7.

Bí ISA 701, ìlànà ọ́dítọ̀ lórí kókó àyẹ̀wò, ṣe ní ká yàn án nìyẹn, àmọ́ ó dùn mọ́ni nínú ju bó ṣe wà nínú ìwé lọ. Bí ẹni ń fi asẹ́ jọ gàrí ni. Ohun tẹ́ ẹ bá àwọn dárẹ́kítọ̀ àti ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò owó sọ lo máa dà sínú rẹ̀ (lọ́dọ̀ wa, ẹni márùn-ún ni ìgbìmọ̀ yẹn, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ onípìn-ín). Ohun tẹ́ ò bá wọn sọ ò lè di kókó àyẹ̀wò. Nínú ohun tó wà níbẹ̀, mú èyí tó gba àkíyèsí yín gan-an, bóyá torí ewu rẹ̀ ga, torí ìfojúdá àwọn alákòóso pọ̀ nínú rẹ̀, tàbí torí nǹkan ńlá kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn. Lẹ́yìn náà, nínú ìyẹn, èyí tó ṣe pàtàkì jù. Mo máa ń wo àkọsílẹ̀ wákàtí iṣẹ́: ibo ni pátínà fúnra rẹ̀ jókòó sí, ibo la ti pe onímọ̀ owó orí? Ibẹ̀ ni.

Ní ti kíkọ, àkọ́kọ́ tí mo kọ rèé: "Owó yìí pọ̀, ó sì gba ìfojúdá. A yẹ ìṣirò àwọn alákòóso wò, a sì rí i pé ó tọ́." Ó burú lọ́nà méjì. Ìwọ mú un lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, ó bá a mu. Èkejì, "a rí i pé ó tọ́" sọ ọ́ di pé a dá èrò ọ̀tọ̀ lórí owó kan ṣoṣo, nígbà tó jẹ́ pé èrò kan la ní, lórí gbogbo ìwé náà. Èyí tó kọjá rèé:

"Ilé-iṣẹ́ náà kọ bílíọ̀nù 1.7 náírà sílẹ̀ bí owó orí tó retí pé yóò dín kù lọ́jọ́ iwájú (àlàyé 14). Ó pàdánù ní ọdún méjì tó kẹ́yìn, nítorí náà owó yìí dúró lórí ìlọsókè ọjà àti iye dọ́là tí àwọn alákòóso fojú dá. A fi ìṣirò wọn àtẹ̀yìnwá wé ohun tó ṣẹlẹ̀, a fi ìlọsókè ọjà wé agbára ẹ̀rọ wọn, a sì dín ìlọsókè náà kù láti wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó yìí."

Wò ó pé bílíọ̀nù 2.6 ò sí níbẹ̀. Aráàlú ò rí i rí, àwa kọ́ ló sì yẹ ká gbé ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ síta fún wọn. Mo ti ṣe àṣìṣe yẹn nínú èkejì tí mo kọ: mo kọ ọ́ pé ẹni tó yá wọn lówó ò tíì buwọ́ lu ìsúnsíwájú gbèsè. Ọ̀gá àgbà ìṣirò wọn pariwo lé mi lórí, kò sì jẹ̀bi. Ohun tó yẹ ni kí n kọ́kọ́ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àlàyé tiwọn, kí n tó tọ́ka sí i. Wọ́n kọ ọ́ níkẹyìn. Ká ní wọn ò buwọ́ lù ú kí ìròyìn tó jáde, tí àìdánilójú bá wà pé ilé-iṣẹ́ á lè máa bá iṣẹ́ lọ, apá tirẹ̀ ló máa ní lọ́tọ̀, a ò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́ sáàárín kókó àyẹ̀wò. Bákan náà ni tí ìwé bá ní àṣìṣe ńlá tí wọ́n kọ̀ láti tún ṣe: èrò wa ló máa yí, kì í ṣe pé ká kọ kókó kan sí i.

Má pa èyí tó o yọ kúrò tì. Nínú fáìlì, kọ ìdí tí gbèsè dọ́là àti ọjà títà kò fi wọlé, torí àwọn tó ń wá yẹ iṣẹ́ wa wò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Tèmi ò ju ìlà mẹ́rin lọ lórí gbèsè náà: kò sí ìfojúdá, ẹ̀rí wà láti òde, ọ̀sán kan ló gbà.